Lílé òṣìṣẹ́ láìsí nótíìsì: irú ẹ̀ṣẹ̀ tó gbà á, àti ohun tí ọ̀gá ṣì gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́ wọn, láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn olómi inú ọ̀rá, àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, àwọn ilé epo etí títì márosẹ̀. Ìpè tí mo máa ń gbà jù látọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ni "ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè lé ọmọ yìí lónìí?" Ẹ lè lé e, òfin Nàìjíríà gbà yín láàyè, ṣùgbọ́n tó bá dé kóòtù ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé, kì í ṣe òun nìkan, ìyẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ò mọ̀ títí lọ́yà ẹni tí wọ́n lé fi máa kọ lẹ́tà sí wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya méjì sọ́tọ̀. Kí ọ̀gá fòpin síṣẹ́ èèyàn pẹ̀lú nótíìsì, tàbí kó sanwó dípò nótíìsì, ìyẹn ò le, adéhùn ti parí nìyẹn, kálukú ń lọ. Òfin Lébà, abala 11, ti ka iye nótíìsì náà fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ àtàwọn akọ̀wé: ọjọ́ kan fẹ́ni tí ò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fẹ́ni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta àmọ́ tí ò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì látọdún méjì sí ìgbà tí ò tíì pé márùn-ún, oṣù kan látọdún márùn-ún lọ. Tí lẹ́tà tẹ́ ẹ fi gbà á síṣẹ́ bá sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó wà nínú lẹ́tà lẹ máa tẹ̀ lé. Fún máníjà àtàwọn ọ̀gá bíi tiẹ̀ tí Òfin Lébà ò kà mọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀, lẹ́tà yẹn náà la máa wò.

Èkejì ni lílé lójú ẹsẹ̀: kò sí nótíìsì, kò sí owó dípò nótíìsì, àjẹmọ́nú ìparí iṣẹ́ sábà máa ń bá a lọ, orúkọ èèyàn náà sì ti bàjẹ́ sí i. Abala 11 kan náà ló sọ pé nótíìsì yìí ò gba ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀ láti fòpin sí àdéhùn lójú ẹsẹ̀ tí ẹnì kejì bá hu irú ìwà tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yí tó wúwo yìí ni mo fẹ́ mú yín gbà lónìí. (Ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní òfin tirẹ̀ tó gbé e ró yàtọ̀, mi ò ní fọwọ́ kan ìyẹn níbí.)

Ìgbésẹ̀ kìíní: ṣé ẹ̀ṣẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀?

Òfin ò ṣe àkójọ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá sójú kan tẹ́ ẹ lè máa fi ìka tọ́. Àwọn adájọ́ ló là á sílẹ̀, èyí tí wọ́n sì ń tún sọ jù ni ti ẹjọ́ Union Bank àti Ogboh lọ́dún 1995: ìwà tó wúwo, tó sì burú débi pé ó ba ìgbẹ́kẹ̀lé tó yẹ kó wà láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jẹ́. Olè jíjà, ayédèrú rìsíìtì, kíkó owó ilé iṣẹ́ sápò, lílu ọ̀gá tàbí ẹlẹgbẹ́, mímutí yó nídìí ẹ̀rọ tó ń yí, kí sẹkiúrítì máa sùn lórí iṣẹ́, kíkó oníbàárà ilé iṣẹ́ lọ fún ẹni tẹ́ ẹ jọ ń du ọjà, mímọ̀ọ́mọ̀ kọ àṣẹ tó bófin mu sílẹ̀, àwọn nǹkan tó sábà máa ń wọ ibẹ̀ nìyẹn. Pípẹ́ lẹ́ẹ̀kan ò wọ ibẹ̀. Àṣìṣe nínú iṣẹ́ ò wọ ibẹ̀ àfi tó bá jẹ́ àìbìkítà tó kọjá ààlà. Kéèyàn dá ọ̀gá lóhùn ṣàkàṣàkà nígbà tínú ń bí i, èmi ò ní dábàá kẹ́ ẹ lé èèyàn lórí ìyẹn nìkan, ẹ fún un ní wọ́nìn.

Àìgbọràn ló máa ń kó àwa ará ibí sí wàhálà jù, ẹ sì mọ ìgbà tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, gbogbo ẹgbẹ́ ti ra aṣọ, òṣìṣẹ́ kan tọrọ àyè, ọ̀gá ní rárá nítorí ọjà ń yá, ọmọ náà lọ bẹ́ẹ̀ náà, wọ́n rí i lórí Fesibúùkù lórí ẹṣin tàbí láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá fẹ́ lé e. Ìbéèrè tí mo máa ń bi í ni pé: ṣé ẹ sọ fún un pé rárá, tàbí ẹ kàn dákẹ́? Ta ló gbọ́? Ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí ẹ fi ránṣẹ́ lórí Wọ́sáàpù? Ṣé ọjọ́ ìsinmi ìjọba ni àbí ọjọ́ iṣẹ́? Ṣé àwọn mìíràn gba àyè lọ́jọ́ kan náà? Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé súpáfásọ̀ ló sọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí ẹ̀rọ ń pariwo, ẹ ò ní ẹ̀rí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ àṣẹ, isansá ọjọ́ kan péré lẹ ní lọ́wọ́, ìyẹn sì jẹ́ kí owó ọjọ́ yẹn lọ àti wọ́nìn. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ni dírẹ́bà tó lè gbé ọjà ọjọ́ yẹn, tẹ́ ẹ kọ̀wé pé rárá, tó fèsì pé òun ti rí i, tó tún pa fóònù, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kó ẹ̀rí jọ kẹ́ ẹ tó pariwo

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀ràn kan ká tẹ̀ lé e dópin, ẹ gbà á bí àpẹẹrẹ. Ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ nítòsí Ṣàgámù, sítókípà tó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin níbẹ̀, owó oṣù ẹ̀ 90,000 náírà, lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ sọ pé oṣù kan ni nótíìsì. Wọ́n ka àpò oúnjẹ àwọn adìyẹ tó ń yé ẹyin lọ́jọ́ Sátidé, káàdì sítọ́ọ̀ sọ pé 412 ló yẹ kó wà, 398 ni wọ́n bá. Àpò mẹ́rìnlá ò sí. Ọ̀gá ti ń pe ọlọ́pàá.

Ẹ dúró ná. Ta ló kà á? Tí sítókípà ò bá sí níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń kà, tí kò sì buwọ́ lu ìwé kíkà náà, nǹkan àkọ́kọ́ tí lọ́yà ẹ̀ máa sọ ni pé ẹ kà á lẹ́yìn òun, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹ kà á dáadáa. Ẹ tún un kà lójú ẹ̀, kí òun, akántáǹtì àti ẹnì kan tí ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ mélòó ló wà níta? Nílé iṣẹ́ yìí méjì ni, ọ̀kan lọ́wọ́ sítókípà, ọ̀kan lọ́wọ́ àbúrò ọ̀gá. Ká ní ibẹ̀ ni ẹ̀rí parí sí, ẹ ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ọjà tó sọnù nínú yàrá tí èèyàn méjì lè ṣí, ẹ ò lè tìtorí ẹ̀ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀.

Ìwé géètì ló gbà wọ́n. Wọ́n ṣí i padà, wọ́n rí i pé ọjọ́ kẹsàn-án ṣáájú, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní agogo 7:40, píkọ́ọ̀pù kan gbé àpò mẹ́rìnlá jáde, gbogbo ìlà tó kù lójú ìwé yẹn ní nọ́ńbà wébíìlì, ìlà yìí ò ní, maigáàdì sì kọ "sítókípà ló ní kó lọ" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú bíìrò tó yàtọ̀. Bíìrò tó yàtọ̀ yẹn, ẹ bi í léèrè báyìí, ẹ má dúró de kóòtù: ṣé alẹ́ yẹn ló kọ ọ́ àbí lẹ́yìn tí wàhálà bẹ̀rẹ̀? Ó ní bíìrò àkọ́kọ́ ló kú. Ó ṣeé gbà gbọ́ nítorí pé ìlà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e náà jẹ́ bíìrò kejì. Irú nǹkan kékeré báyìí ni adájọ́ máa ń wò, torí náà ẹ kọ àlàyé maigáàdì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé bópẹ́ bóyá òun fúnra ẹ̀ ló máa wá dúró ní kóòtù. Maigáàdì ìlú wa kì í pẹ́ níbi iṣẹ́ kan, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀ àti ti ẹni tó dúró fún un.

Kámẹ́rà? Tó bá wà, ẹ daakọ ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kámẹ́rà ló ń kọ tuntun lé ògbólógbòó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011, abala 84, sì fẹ́ kí ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ náà buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni fún ìwé tẹ́ ẹ bá tẹ̀ jáde látinú kọ̀ǹpútà. Mo ti rí fídíò tó mọ́lẹ̀ kedere tí wọ́n ò gbà nítorí pé ìwé pélébé yìí ò sí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fara balẹ̀ yan ẹ̀sùn

Ibí lọ̀rọ̀ wà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fo àwọn yòókù ẹ má fo èyí.

Ọ̀gá fẹ́ kọ "olè" sínú lẹ́tà. Inú ń bí i, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n olè jíjà jẹ́ ìwà ọ̀daràn, Òfin Ẹ̀rí abala 135 sì sọ pé tí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn bá jẹ́ ohun tí ẹjọ́ dúró lé lórí, ì báà jẹ́ ẹjọ́ ìwé lásán tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá, ẹni tó fẹ̀sùn náà kàn gbọ́dọ̀ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ débi tí iyèméjì tó mọ́gbọ́n dání ò fi ní sí mọ́. Ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń dá ọ̀daràn lẹ́bi. Ẹ̀sùn iṣẹ́ lásán kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rí tiyín wúwo ju tiẹ̀ lọ lórí ìwọ̀n ti tó.

Ẹ wá wo ohun tó wà lọ́wọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni rí sítókípà yìí tó gbowó? Rárá. Ṣé wọ́n rí àpò kankan nílé ẹ̀? Rárá. Òun ní máníjà ọjà ló pe òun lórí fóònù pé oníbàárà kan ní Ìpẹru máa sanwó lọ́jọ́ kejì, kóun fọjà lé e lọ́wọ́. Máníjà ọjà ní irọ́ ni. Fóònù fi hàn pé ìpè wọlé lágogo 7:12 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìpè ò sọ ohun tí wọ́n bára wọn sọ. Tẹ́ ẹ bá kọ "olè", ẹjọ́ yín ti bọ́ sí kòtò yìí: àbí máníjà ọjà ló jẹ owó náà? Iyèméjì gidi nìyẹn, sítókípà ò sì ní láti sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ wo ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè jiyàn lé lórí. Òfin kẹfà nínú ìwé òfin ilé iṣẹ́ sọ pé ọjà ò gbọdọ̀ kúrò ní sítọ́ọ̀ láìsí wébíìlì tí akántáǹtì buwọ́ lù. Sítókípà ti buwọ́ lu ìwé òfin yẹn lọ́jọ́ tó wọṣẹ́, ó wà nínú fáìlì ẹ̀. Ọjà lọ láìsí wébíìlì. Èyí tó tún burú jù lójú tèmi ni pé ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko, káàdì sítọ́ọ̀ tí òun fúnra ẹ̀ ń kọ ṣì ń sọ 412. Kò kọ àpò mẹ́rìnlá yẹn jáde. Tó bá jẹ́ pé máníjà ló ránṣẹ́ sí i lóòótọ́, kí ló dé tí kò kọ ọ́? Ẹ̀sùn tẹ́ ẹ máa kọ nìyẹn, ẹsẹ̀ méjì: ó fọjà sílẹ̀ láìsí wébíìlì lòdì sí òfin kẹfà, kò sì fi hàn nínú káàdì fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ ò pe ẹnikẹ́ni lólè, ẹ ò sì nílò rẹ̀. Sítókípà tí káàdì ẹ̀ ò ṣeé gbà gbọ́, kí lẹ tún fẹ́ fi ìgbẹ́kẹ̀lé ṣe?

Kẹ́ ẹ tó yọ̀, ẹ yẹ ara yín wò. Ẹ ṣí ìwé géètì oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ wo iye ìgbà tí ọjà ti jáde láìsí wébíìlì. Tẹ́ ẹ bá rí ogún, tí ọ̀gá mọ̀ nípa wọn tí ò sọ nǹkan kan, òfin kẹfà yín ti kú tipẹ́, ẹ ò lè jí i dìde nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Nínú ọ̀ràn tiwa, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n rí, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló ní kó lọ lẹ́ẹ̀mejèèjì, wébíìlì sì délẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàtọ̀ yẹn tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kúẹ́rì, àti kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀

Àwọn ọ̀gá kan gbà pé ó dìgbà tí ọlọ́pàá tàbí kóòtù bá dá a lẹ́bi kí wọ́n tó lè lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kóòtù tó ga jù lọ sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Yusuf àti Union Bank lọ́dún 1996 pé ọ̀gá ò ní láti kọ́kọ́ gbé òṣìṣẹ́ lọ sí kóòtù ọ̀daràn kó tó lé e, kódà kí ẹ̀sùn náà jọ ti ọ̀daràn. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe ni kó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ náà mọ ẹ̀sùn, kó sì fún un láyè láti sọ tẹnu ẹ̀. Èyí kékeré létí, òun ni wọ́n sì máa ń fò jù.

Kúẹ́rì tó dáa máa ń sọ ọjọ́, wákàtí, iye àpò, àti òfin wo ló ṣẹ̀ sí. "Ẹ ṣàlàyé ìwà yín tí ò dáa" kì í ṣe kúẹ́rì, èèyàn ò lè fèsì sí nǹkan tí kò mọ̀. Ẹ so ẹ̀dà ojú ìwé géètì àti káàdì sítọ́ọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fún un ní àsìkò tó bójú mu láti kọ èsì, wákàtí mẹ́rìnlélógún sí méjìdínláàádọ́ta ni ọ̀pọ̀ ìwé òfin ilé iṣẹ́ máa ń sọ, tí tiyín bá sọ ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta náà ni. Gba ẹ̀dà tó buwọ́ lù pé ó ti gbà á, tó bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú kí ẹlẹ́rìí kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kọ̀.

Níbi iṣẹ́ aládàáni, kúẹ́rì àti èsì lórí ìwé lè tó láti fi gbọ́ tẹnu òṣìṣẹ́, kò pọn dandan kẹ́ ẹ jókòó bíi kóòtù, àfi tí ìwé òfin yín bá sọ pé ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fò ó, torí ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Àmọ́ nínú ọ̀ràn tó jẹ́ pé ẹnu méjì ló ta kora, bíi ti sítókípà àti máníjà ọjà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, kí maigáàdì wá sọ̀rọ̀ lójú ẹ̀, kí sítókípà bi í ní ìbéèrè. Máníjà ọjà ò gbọdọ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń dá a lẹ́jọ́, ó ti di ẹlẹ́rìí, ó tún lè di ẹni tí wọ́n ń wá. Ọ̀gá tó bú u lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ Sátidé pé "olè, o ò ní padà wá síbí mọ́" náà kó jókòó sẹ́yìn, torí ó ti dájọ́ kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èsì tí sítókípà kọ ló yanjú ẹ̀: "Lóòótọ́ ni mo fọjà sílẹ̀ láìsí wébíìlì, mo rò pé máníjà máa gbé e wá, mo sì gbàgbé láti kọ ọ́ sí káàdì." Ohun tẹ́nu ẹni bá sọ kò tún nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Ẹ fi wé ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ Sátidé, kó sùn mọ́jú, kó wá kọ sítétímẹ́ǹtì pé òun jí i: gbogbo ẹjọ́ ìbá ti di pé wọ́n fipá gbà á lẹ́nu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ọlọ́pàá gba owó àpò, Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ti sọ pé wọn ò gbọdọ̀ mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó já lásán.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó jókòó sílé nígbà tẹ́ ẹ ń wádìí, ẹ wo bóyá lẹ́tà tàbí ìwé òfin fún yín láṣẹ, pàápàá kẹ́ ẹ tó dá owó ẹ̀ dúró. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé, kẹ́ ẹ máa san owó ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ má jẹ́ kó tutù

Tí ọ̀gá bá mọ ẹ̀ṣẹ̀, tó sì ń bá òṣìṣẹ́ náà ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ó ti dárí jì í nìyẹn lójú òfin, kò sì lè padà fi ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀hún lé e. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn kúẹ́rì, tẹ́ ẹ ti fi owó kún owó oṣù ẹ̀ tàbí gbé e ga, ẹ wá rántí àpò mẹ́rìnlá, ó ti pẹ́ jù. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ sáré. Ìwádìí gba àsìkò, ṣùgbọ́n kí ìwé fi hàn pé ìwádìí ń lọ: ọjọ́ tẹ́ ẹ kà á, ọjọ́ kúẹ́rì, ọjọ́ èsì, ọjọ́ ìjókòó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: lẹ́tà àti owó

Ìdí tẹ́ ẹ bá kọ sínú lẹ́tà ni adájọ́ máa ní kẹ́ ẹ wá fìdí ẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ méjì yẹn nìkan lẹ máa kọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti òfin kẹfà. Ẹ má fi "àti àwọn ìwà burúkú mìíràn" kún un. Ẹ tún máa fìdí ìyẹn náà múlẹ̀ ni.

Owó wá. Lílé èèyàn ò sọ iṣẹ́ tó ti ṣe di ọ̀fẹ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kejìdínlógún oṣù tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ lé e, tẹ́ ẹ bá fi ọjọ́ pín in, 54,000 náírà lẹ jẹ ẹ́, ẹ san án. Owó ìfẹ̀yìntì tó wà lákáùǹtì ẹ̀ lábẹ́ Òfin Pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014, tiẹ̀ ni, ẹ ò lè gbà á padà, ẹ ò sì gbọdọ̀ yọ owó pẹ́ńṣọ̀n lára owó oṣù ẹ̀ kẹ́ ẹ má fi ránṣẹ́ síbẹ̀.

Yíyọ owó àpò mẹ́rìnlá lára 54,000 yẹn ńkọ́? Abala 5 Òfin Lébà ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ ò lè bu owó ìtanràn lé òṣìṣẹ́ lórí. Owó ohun tó bàjẹ́ tàbí tó sọnù nítorí pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí pé ó fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́, ẹ lè yọ ọ́, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ní ọ́fíìsì lébà, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sì yọ lóṣù kan ò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó jàre lórí lílé èèyàn ló ti jẹ̀bi lórí owó tí wọ́n yọ.

Tó bá dé kóòtù

Ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Indọ́síríà Kọ́ọ̀tù, ló máa gbọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa sọ̀rọ̀: òun ló máa mú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ àti ìwé òfin wá, kó sì sọ ibi tẹ́ ẹ ti rú u. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti sọ ìdí tẹ́ ẹ fi lé e, ẹ̀yin ni ẹrù ìdí yẹn wà lọ́rùn yín. Ìlànà yìí ti pẹ́, ó wà nínú ẹjọ́ Olatunbosun àti Ìgbìmọ̀ NISER lọ́dún 1988, adájọ́ ò sì ní bá yín gbé e. Ẹlẹ́rìí yín gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ ní ìbúra, kí wọ́n tún wá kí wọ́n dáhùn ìbéèrè. Maigáàdì yẹn, ṣé ẹ ṣì ní nọ́ńbà ẹ̀?

Tẹ́ ẹ bá kùnà, nínú iṣẹ́ aládàáni, kóòtù kì í sábà dá èèyàn padà síṣẹ́. Owó tí ìbá gbà ká ní ẹ fún un ní nótíìsì ló sábà máa jẹ́, ìyẹn 90,000 náírà nínú ọ̀ràn tiwa, àti àjẹmọ́nú tẹ́ ẹ bá dì mú. Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí o. Òfin kóòtù yẹn tó jáde lọ́dún 2006 fún un láyè láti fi owó gbà-máà-bínú kún un, ẹ̀sùn olè tí ẹ ò lè fìdí ẹ̀ múlẹ̀ sì jẹ́ àbàwọ́n tó ń tẹ̀ lé èèyàn dé ibi iṣẹ́ mìíràn, adájọ́ mọ ìyẹn. Tí iyèméjì bá ṣì wà nínú yín lẹ́yìn gbogbo ìwádìí, ẹ san oṣù kan yẹn, kẹ́ ẹ fòpin síṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, ó dín sí owó lọ́yà.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ka eléyìí náà: ẹ má dákẹ́ sí kúẹ́rì, tẹ́ ẹ ò bá fèsì wọ́n máa sọ pé wọ́n fún yín láyè ẹ ò lò ó. Ẹ fèsì sí ohun tí wọ́n béèrè nìkan, ẹ fi fóònù ya fọ́tò kúẹ́rì, èsì yín, lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ àti ojú ìwé òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí, torí lẹ́yìn tí wọ́n bá gba káàdì ìdánimọ̀ yín ní géètì, ẹ ò ní rí fáìlì yẹn mọ́. Tí wọ́n bá gbé lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ síwájú yín pé kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú kí ọ̀rọ̀ lè parí, ẹ ní kí wọ́n fún yín di ọ̀la. Ẹni tó bá ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òun ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n fipá mú òun, ilé iṣẹ́ ò tún ní láti fìdí ẹ̀ṣẹ̀ kankan múlẹ̀ mọ́.